Ẹni Mẹ́fà, Ìlà Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Ní 1953, ìbéèrè kan jáde nínú ìdíje ìṣirò Pọ́tínáàmù, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Amẹ́ríkà àti Kánádà máa ń ṣe. Ojú àmì mẹ́fà ló wà, ìlà so wọn pọ̀ ní méjì méjì, ìlà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ pupa tàbí búlúù. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi hàn pé onígun mẹ́ta aláwọ̀ kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ fi ènìyàn rọ́pò àmì. Ìlà pupa ni ti ọ̀rẹ́, búlúù sì ni ti àwọn tí kò mọ ara wọn. Ohun tí ìbéèrè náà ń sọ ni pé kò sí ẹni mẹ́fà tí ẹ máa kó jọ tí ẹ kò ní rí mẹ́ta tí gbogbo wọn jẹ́ ọ̀rẹ́ ara wọn, tàbí mẹ́ta tí ẹnì kankan nínú wọn kò mọ ẹnì kejì.

Ìlà 15 ló wà láàárín ẹni mẹ́fà, ọ̀nà 32,768 ni a sì lè gbà kùn wọ́n. Ta ló fẹ́ yẹ gbogbo ìyẹn wò? Kò tilẹ̀ pọn dandan.

Ẹ mú Adé nínú wọn. Ìlà márùn-ún ló jáde lára rẹ̀, àwọ̀ méjì péré ló sì fẹ́ pín wọn, nítorí náà ọ̀kan nínú àwọ̀ náà yóò ní ó kéré tán mẹ́ta. Ká ní pupa ni, tí ó so Adé mọ́ Bísí, Kẹ́mi àti Fẹ́mi. Ó wá ku ìlà mẹ́ta tó wà láàárín àwọn mẹ́ta yìí. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ bá pupa, bíi ti Bísí àti Kẹ́mi, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Adé di ọ̀rẹ́ mẹ́ta. Bí kò bá sí èyí tó pupa, a jẹ́ pé búlúù ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Bísí, Kẹ́mi àti Fẹ́mi kò mọ ara wọn rárá. Bó bá jẹ́ búlúù ló pọ̀ jù lára Adé, ẹ kàn pààrọ̀ àwọ̀, àlàyé náà kò yí padà.

Ẹni márùn-ún kò tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó yípo, kí kálukú mọ kìkì ẹni tó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Mẹ́ta yòówù tí ẹ bá mú níbẹ̀, méjì yóò jókòó ti ara wọn, méjì mìíràn kò sì ní fara kan ara wọn.

Ohun kan ṣoṣo tó lè ba àlàyé yìí jẹ́ ni mímọ̀ tó jẹ́ ti apá kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ gbajúmọ̀ olórin tí kò mọ̀ wọ́n. Ìlà kò lè jẹ́ pupa níhìn-ín àyàfi bí ẹni méjèèjì bá jọ mọ ara wọn.

Láàárín ọdún 1950 sí 1959, onímọ̀ àwùjọ ará Họ́ngárì kan, Ṣándọ̀ Sọ́lọ́ì, ń wádìí bí àwọn ọmọdé ṣe ń bára wọn ṣọ̀rẹ́. Ó ṣàkíyèsí pé nínú nǹkan bí ogún ọmọ, òun máa ń rí mẹ́rin tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ara wọn, tàbí mẹ́rin tí kò sí ọ̀rẹ́ kankan láàárín wọn. Kì í ṣe ìwà àwọn ọmọ náà ló fà á. Ní 1955, Gírínwúùdù àti Gílísìn fi hàn pé ẹni 18 ti tó fún mẹ́rin, 17 kò sì tó. Ti ẹni márùn-ún ni kò tíì yanjú: iye tí a nílò kò dín ní 43, kò sì ju 46 lọ.