Ìsúnkì Àwòrán Ọjà Láìba Ìbú-sí-Òòró Jẹ́: Àlàyé lórí Ìlò ImageMagick

Àwòrán tí fóònù òde òní ń yà máa ń tóbi ju ohun tí ojú-ìwé ìtajà nílò lọ. Ìyá kan tí ó ń ta adìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, kó àwòrán aṣọ mẹ́rìnlélógójì wá bá mi. Wọ́n ti sọ fún un pé ìbú èyíkéyìí nínú wọn kò gbọ́dọ̀ ju píìsẹ́lì 800 lọ. Bí a bá ní kí á máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ yóò ṣú. Ọ̀nà tí a gbà mú gbogbo wọn súnkì lẹ́ẹ̀kan náà, àti àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀, ni mo fẹ́ ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Àwòrán orí kọ̀ǹpútà jẹ́ àkójọpọ̀ àmì kéékèèké tí a tò ní ìlà-ìlà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni à ń pè ní píìsẹ́lì. Bí a bá pè é ní 'ẹyọ àwòrán', àwòrán kan ṣoṣo ni ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò rò pé a ń sọ, nítorí náà ni mo ṣe fara mọ́ ọ̀rọ̀ àyálò. Iye píìsẹ́lì láti òsì dé ọ̀tún ni mo pè ní ìbú, iye láti òkè dé ìsàlẹ̀ sì ni òòró. Ẹlòmíràn lè fẹ́ràn 'gíga' ju òòró lọ, ṣùgbọ́n ìbú àti òòró ti jọ ń rìn nínú èdè wa tẹ́lẹ̀. Kò sí ìdí tí a ó fi tú wọn ká. Ìbátan tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì ni ìbú-sí-òòró. Bí ìbú àwòrán bá jẹ́ 4000, tí òòró rẹ̀ jẹ́ 3000, ìbú-sí-òòró rẹ̀ ni 4 sí 3. Bí a bá dín ìbú yẹn kù sí 800, ìdá márùn-ún rẹ̀ ni a mú. Òòró náà gbọ́dọ̀ di 600, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwòrán ti bàjẹ́.

Adìrẹ oníko a máa fi ìbàjẹ́ yìí hàn kíákíá. Òbìrìkìtì ńláńlá ni ó wà lára èyí tí wọ́n ń pè ní oṣùbàm̀bà. Bí a bá fi ipá sọ àwòrán rẹ̀ di 800 ní ìbú àti 800 ní òòró, òṣùpá náà yóò rí bí ẹyin, oníbàárà yóò sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni aṣọ náà ṣe rí.

Ètò tí mo lò ni ImageMagick. John Cristy ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1987 nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà. Ní 1990 ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti lò lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe ètò tí à ń fi ìka tọ́ka sí àwòrán rẹ̀. Àṣẹ ni à ń tẹ̀ fún un. Àṣẹ tí ó ṣe iṣẹ́ ìyá aláṣọ nìyí, ní irú èyí tí a ń lò fún ẹ̀dà keje ètò náà:

```
mkdir kekere
magick mogrify -path kekere -auto-orient -resize '800x>' -quality 85 *.jpg
```

Ìlà kìn-ín-ní ṣí àpò fáìlì tuntun tí a sọ ní `kekere`. Nínú ìlà kejì, `*.jpg` túmọ̀ sí gbogbo fáìlì tí orúkọ wọn parí bẹ́ẹ̀, `-quality 85` sì ń sọ bí a ó ti fún fáìlì pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n `800x>` ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. 800 ni ìbú. A kò kọ nǹkan kan sí ẹ̀yìn `x`, níbi tí òòró ìbá wà. Ètò náà yóò wá fúnra rẹ̀ ṣírò òòró tí ó bá ìbú mu. Àmì `>` ń sọ pé àwòrán tí ó bá tóbi ju ìwọ̀n yìí lọ nìkan ni kí a fọwọ́ kàn. Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán ìyá náà jẹ́ 650 ní ìbú àti 900 ní òòró. Láìsí àmì yìí, ètò náà ìbá fà á di 800 àti 1108, àwọn píìsẹ́lì tí kámẹ́rà kò rí rárá ni ìbá sì fi dí àlàfo. Ojú àwòrán ìbá ṣókùnkùn bí ẹni pé kùrukùru bò ó.

Ẹ má ṣe fi àmì àyọlò sílẹ̀ o. Lójú ibi tí à ń tẹ àṣẹ sí, `>` ní ìtumọ̀ tirẹ̀: ó ń pàṣẹ pé kí a da èsì iṣẹ́ sínú fáìlì. Bí àmì àyọlò kò bá sí níbẹ̀, ẹ ó bá fáìlì òfìfo kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ `-quality`, àwọn àwòrán kéékèèké yóò sì ti tóbi sí i. Lórí Windows, àmì àyọlò onílà méjì ni kí ẹ lò.

Nípa `-auto-orient`, fóònù tí a dì ní òòró lè tọ́jú àwòrán ní ìbú, kí ó sì kọ àkọsílẹ̀ kékeré mọ́ ọn pé kí ẹni tí yóò fi í hàn yí i padà. Ìyẹn ni pé aṣọ tí a rí ní 3000 sí 4000 wà nínú fáìlì ní 4000 sí 3000. Bí a bá mú un súnkì bẹ́ẹ̀, 600 péré ni ìbú tí oníbàárà yóò rí. Bí a bá kọ́kọ́ yí i padà, yóò di 800 sí 1067, bí ó ti yẹ. Ìdí nìyẹn tí àṣẹ yìí fi gbọ́dọ̀ ṣáájú `-resize`.

Mo wá dé ibi àṣìṣe mi. Nígbà àkọ́kọ́, n kò kọ `-path kekere`. Láìsí i, inú fáìlì àtilẹ̀wá gan-an ni `mogrify` ń kọ èsì sí, kò sì ní béèrè lọ́wọ́ ẹni. Àwòrán wọ ìwọ̀n, inú ìyá dùn, wọ́n sì pa èyí tí ó wà nínú fóònù wọn rẹ́ kí àyè lè wà. Lẹ́yìn oṣù méjì ni wọ́n fẹ́ tẹ ìwé àfihàn aṣọ. Atẹ̀wé béèrè àwòrán ńlá. Kò sí mọ́. Láti 4000 sí 3000 di 800 sí 600, píìsẹ́lì mẹ́rìnlélógún nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ó ti lọ, fífà kò sì lè dá wọn padà. Wọ́n tún àwọn aṣọ tí ó kù yà. Àwọn tí wọ́n ti tà kò sí níbẹ̀ mọ́ láti yà. Àṣẹ tí mo kọ sókè ni mo lò fún àwọn tuntun.

Nígbà tí mo parí, mo fi àṣẹ yìí yẹ̀ wọ́n wò:

```
magick identify -format '%f %w %h\n' kekere/*.jpg
```

Ó ń tẹ orúkọ fáìlì, ìbú àti òòró jáde ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìbú kan tí ó ju 800 lọ, ṣùgbọ́n ìlà kò pé iye àwòrán tí a kó wá. Mẹ́sàn-án nínú àwọn fáìlì náà ni orúkọ wọn parí sí `.JPG`, ní lẹ́tà ńlá, Linux tí mo ń lò kò sì ka ìyẹn mọ́ `.jpg`. Mo tún àṣẹ náà tẹ̀ pẹ̀lú `*.JPG`, iye wọn sì pé.