Owó tí a fi sí báńkì fún ọdún mẹ́rin: báwo la ṣe ń mọ iye tó máa dà?

Ní ẹgbẹ́ wa níbí ní Sábọn Gàrí, Kánò, ọ̀rọ̀ owó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. A kó ₦500,000 sí báńkì fún ọdún mẹ́rin, kí a lè fi kún owó ilẹ̀ tí a fẹ́ rà fún gbọ̀ngàn ìpàdé. Báńkì ní àwọn á máa san èlé ìdá 10 nínú 100 lọ́dọọdún, àti pé èlé ọdún kọ̀ọ̀kan á máa wọnú owó náà. Nígbà tí ọdún mẹ́rin pé, ₦705,791 ni wọ́n kó fún wa, tí a bá sọ kọ́bọ̀ rẹ̀ di náírà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ti ṣírò tirẹ̀ sílẹ̀, ó ní ₦732,050 ló yẹ kó jẹ́. Ó ku ₦26,259. Bí àwọn kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo Màmá akápò wa lójú nìyẹn, tí ẹnì kan sì là á mọ́lẹ̀ níbi ìpàdé pé, "Ẹ sọ ibi tí owó wà."

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí a ṣe yanjú rẹ̀, torí ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ yín náà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí èlé orí èlé ṣe ń rìn. Ọ̀pọ̀ wa máa ń rò pé èlé ₦50,000 lọ́dún, lọ́nà mẹ́rin, ₦200,000 nìyẹn, kí a fi kún ojú owó, ó di ₦700,000. Bí ẹni ń ya ilé fún èèyàn nìyẹn, tí owó ilé ọdọọdún kì í yí padà. Èlé orí èlé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ewúrẹ́ tó bímọ, tí ọmọ náà dàgbà tó sì tún bímọ tirẹ̀. Èlé ọdún àkọ́kọ́ á wọnú owó, báńkì á wá san èlé lórí òun náà ní ọdún kejì.

Ẹ wò ó. Lópin ọdún kìn-ín-ní, ₦500,000 bí ₦50,000, ó di ₦550,000. Lọ́dún kejì, orí ₦550,000 ni wọ́n ti ń ṣírò, èlé rẹ̀ jẹ́ ₦55,000, ó di ₦605,000. Lọ́dún kẹta, èlé jẹ́ ₦60,500, ó di ₦665,500. Lọ́dún kẹrin, èlé jẹ́ ₦66,550, ó di ₦732,050. Ibi tí ọ̀dọ́ wa ti rí iye tirẹ̀ nìyẹn, ìṣirò rẹ̀ kò sì ṣàṣìṣe.

Ọ̀nà tó yá jù wà fún un lórí fóònù. Tí èlé bá jẹ́ ìdá 10 nínú 100, náírà kan á di 1.10 lọ́dún kan. Nítorí náà, iye ọdún tí owó bá máa lò ni ẹ máa fi 1.10 sọ ọ́ di púpọ̀:

500,000 × 1.10 × 1.10 × 1.10 × 1.10 = 732,050

Tó bá jẹ́ ọdún mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni. Tí èlé bá jẹ́ ìdá 12 nínú 100, ẹ lo 1.12. Àṣìṣe tí a máa ń rí ni pé ẹlòmíì á tẹ 1.40, nítorí ó rò pé 10 lọ́nà mẹ́rin ni 40. Ìyẹn á gbé e padà sí ₦700,000 tí kò sí èlé orí èlé nínú rẹ̀.

Kí ló wá mú owó wa dín? A ní kí akápò gbé ìwé tí báńkì fún wa lọ́dọọdún wá. Màmá gbé e wá, ó pé, kò sọ ọ̀kan nù. Lórí ìwé ọdún kìn-ín-ní, a rí i pé èlé jẹ́ ₦50,000, ṣùgbọ́n báńkì ti yọ ₦5,000 kúrò nínú rẹ̀. Owó orí ìjọba ni, ìdá 10 nínú 100 èlé. ₦45,000 ló wọnú owó wa. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìdá 9 ló ń dé ọwọ́ wa, kì í ṣe ìdá 10:

500,000 × 1.09 × 1.09 × 1.09 × 1.09 = 705,790.81

Iye tí báńkì kó fún wa gan-an nìyẹn. Owó pé.

Síbẹ̀, ọ̀dọ́ wa ṣì ní ìbéèrè, ó sì dára pé ó béèrè. Ó ní gbogbo èlé tí òun ṣírò jẹ́ ₦232,050, owó orí ìdá 10 rẹ̀ sì jẹ́ ₦23,205. Kí ló dé tó fi jẹ́ ₦26,259 ló dín? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọdọọdún ni wọ́n ń yọ owó orí yìí, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan lópin. ₦5,000 tí wọ́n yọ lọ́dún kìn-ín-ní kò sí nínú owó mọ́ láti bímọ lọ́dún kejì, ìkẹta àti ìkẹrin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọmọ tí gbogbo owó orí tí wọ́n yọ yẹn ì bá bí, lẹ́yìn tí a bá yọ owó orí ti ọmọ náà, ni ₦3,054 tó kù.

Ohun kan tún wà tó lè ba gbogbo ìṣirò yìí jẹ́. Fíkísì tí báńkì ń gbà sábà máa ń jẹ́ oṣù díẹ̀ sí ọdún kan, wọ́n á wá tún un ṣe. Nínú fọ́ọ̀mù, wọ́n á bi yín bóyá ojú owó nìkan ni kí wọ́n tún fi sílẹ̀, tàbí ojú owó pẹ̀lú èlé. Tí ẹ bá yan ojú owó nìkan, ₦45,000 á máa bọ́ sínú àkáǹtì yín lọ́dọọdún, kò sì ní bímọ kankan nínú fíkísì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ ₦680,000, ìyẹn tí ẹ kò bá tíì ná àwọn èlé yẹn. Ọ̀nà láti mọ̀ rọrùn: ẹ wo ìwé ọdún kejì. Tí ojú owó tó wà níbẹ̀ bá ṣì jẹ́ ₦500,000, èlé kò wọnú rẹ̀. Ẹ tètè lọ bá wọn, ẹ má dúró di ọdún kẹrin.

Ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti rí i bóyá iye èlé ti yí padà. Tó bá yí padà, ẹ fi iye ti ọdún yẹn rọ́pò tirẹ̀ nínú ìṣirò. Bí ọdún kejì bá jẹ́ ìdá 8, tí wọ́n yọ owó orí, 1.072 ni ẹ máa lò fún ọdún yẹn, kì í ṣe 1.09.

Ìṣirò kan náà ni ti ọjà. Ká ní ilẹ̀ kan jẹ́ ₦500,000 lónìí, tí owó rẹ̀ sì ń fi ìdá 15 lé lọ́dọọdún. Ẹ fi 1.15 sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ ó bá ₦874,503. Owó báńkì yín á ti di ₦705,791, síbẹ̀ kò ní lè ra ilẹ̀ náà mọ́. Ẹ ṣe ìṣirò méjèèjì kí ẹ tó pinnu bóyá kí ẹ fi owó pamọ́ tàbí kí ẹ rà á kíá.

Ní ti Màmá akápò wa, alága ní kí ẹni tó sọ̀rọ̀ sí wọn dìde. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú gbogbo wa. Màmá ní kò sí nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà, akọ̀wé ló ń ka ìwé báńkì sókè fún gbogbo ilé lọ́dọọdún, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún fi ìṣirò tirẹ̀ nìkan dá ẹlòmíì lẹ́bi.