Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́: inú ‘kọ́’ kan náà ni wọ́n ti jáde

Nínú kíláàsì kan, ẹni tó dúró níwájú ni olùkọ́, àwọn tó jókòó ni akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, kọ́, ló bí orúkọ àwọn méjèèjì. Kí ló wá dé tí tíṣà kì í fi jẹ́ “akọ́”, tí ó sì jẹ́ pé olù ni wọ́n fi síwájú tirẹ̀?

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká mọ̀ ni pé iwájú ni Yorùbá ti ń fi nǹkan kún ọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì a máa so tirẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì wà nínú tíṣà tí a yá lọ́wọ́ wọn: ìrù tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ iṣẹ́ di ẹni tó ń ṣe é. Odindi la yá a, kò sẹ́ni tó lè já ìrù náà kúrò kó lọ so ó mọ́ kọ́. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ la ní, a kò ní ti ìparí. Iṣẹ́ tí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wa sì ń ṣe jùlọ ni pé ó ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ.

Ẹ jẹ́ ká mú kọ́ tó túmọ̀ sí kí èèyàn gba ìmọ̀ tàbí kó fi ìmọ̀ fún ẹlòmíràn. Fi ẹ̀ síwájú rẹ̀, ó di ẹ̀kọ́, ohun tí a kọ́. Ọ̀nà yìí náà la fi rí ẹ̀bẹ̀ láti ara bẹ̀, àti ẹ̀gàn láti ara gàn. Tí fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe náà bá jẹ́ o tí kò ní àmì nísàlẹ̀, àfòmọ́ yóò pa ara dà di è, bí ó ṣe rí nínú èrò láti ara rò àti ètò láti ara tò. Ọmọ Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní èyí, etí rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n kó tó dé iléèwé.

Olù ń tọ́ka sí ẹni tó ń ṣe nǹkan. Ó lè lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó dá dúró: olùkọ́, olùdarí, olùṣọ́. Olùgbọ́ náà ń bẹ, orúkọ tí gbogbo ilé iṣẹ́ rédíò fi ń pe àwọn èèyàn wọn. Àfòmọ́ a náà ń tọ́ka sí ẹni tó ń ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó dá wà. Ó fẹ́ kí nǹkan mìíràn tẹ̀ lé e. Pa nìkan kò tó o, ó fẹ́ pa ẹja kó tó di apẹja. Rán nìkan kò tó o, ó fẹ́ rán aṣọ kó tó di aránṣọ. Ìdí rèé tí “akọ́” kò fi sí.

Kí a tó lè lo a, a ní láti wá nǹkan tí kọ́ yóò gbé dání. Ẹ̀kọ́ tí a ṣẹ̀dá lẹ́ẹ̀kan ló wúlò níbẹ̀: kọ́ ẹ̀kọ́. Bí èèyàn bá sọ ọ́ kíákíá, fáwẹ̀lì ọ tó wà lára kọ́ yóò bọ́ sọnù, ṣùgbọ́n ohùn òkè rẹ̀ kò ní bá a lọ, orí ẹ tó tẹ̀ lé e ni yóò lọ jókòó sí. Ohùn ìsàlẹ̀ tó ti wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò wá ní àyè mọ́, ó sún síwájú, ó bá ohùn òkè lórí ọ tó gbẹ̀yìn. Ohùn méjì kò lè gbé orí fáwẹ̀lì kan, nítorí náà fáwẹ̀lì náà fa gùn di méjì: kẹ́kọ̀ọ́. Ọ méjì tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dín kù sí ẹyọ kan nígbà tí wọ́n bá ń kọ akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan kúrò ti fi ohùn kan sílẹ̀ láìnílé.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà ti là. Kẹ́kọ̀ọ́ gba a, ó di akẹ́kọ̀ọ́. Ó gba àì tó ń sọ pé nǹkan kò ṣẹlẹ̀, ó di àìkẹ́kọ̀ọ́. Oní tún lè dúró síwájú èyí, ṣùgbọ́n oní kì í bá à gbé láìyí padà: n rẹ̀ di l, o rẹ̀ sì di a. Ó wá di aláìkẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́. Ẹ wo bí ilé náà ṣe ga tó lórí kọ́ kékeré yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ tú u nínú ìdánwò, kó má ṣe já a lẹ́ẹ̀kan náà. Kó bọ́ ọ láti òde wọlé bí èèyàn ṣe ń bọ́ aṣọ: oní, lẹ́yìn náà àì, lẹ́yìn náà kọ́ àti ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀ àti kọ́.

Nígbà mìíràn, àfòmọ́ a a máa gbé odindi gbólóhùn. Orúkọ tí àwọn àgbà fún rédíò fúnra rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀: asọ̀rọ̀mágbèsì, èyí tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. (Wọ́n fún un lórúkọ yìí kí ètò tí olùgbọ́ ń pè wọlé tó dé.)

Àpètúnpè náà ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ. Mú kọ́nsónáǹtì tó ṣíwájú, fi í sí i, kí o tún ọ̀rọ̀-ìṣe náà pè: kíkọ́. Èyí kì í yan ọ̀rọ̀ rárá, àní ọ̀rọ̀ àyálò ń bá a lọ, nítorí àwọn ọmọléèwé ń sọ pé “pípáàsì ìdánwò”. Ṣùgbọ́n ohùn ni kí èèyàn ṣọ́: kíkọ́ ni ti ẹ̀kọ́, kíkọ ni ti ìwé, kíkọ̀ sì ni ti ẹni tó ní òun kò ṣe.

A tún lè pe ọ̀rọ̀-ìṣe àti nǹkan tó gbé dání lẹ́ẹ̀mejì, kó di orúkọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà: panápaná, jagunjagun, gbẹ́nàgbẹ́nà. Kọ́ ti ilé kíkọ́ wà lára wọn, ó di kọ́lékọ́lé. Yọ àmì abẹ́ kúrò, ó di kólékólé, olè tó ń kó ilé onílé. Ẹni tó bá fi fóònù tẹ “kolekole” ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ti bá a rí ọ̀kan tó mọṣẹ́, kí ó má bínú bí onítọ̀hún bá béèrè èwo.

Kọ́ ti ilé yìí kì í ṣe kọ́ ti ẹ̀kọ́ o. Ohùn kan náà ni wọ́n ní, ìtumọ̀ wọn ló yàtọ̀. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fi wọ́n ṣeré pọ̀ nígbà tí wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Nítorí náà, ìkọ́ni kì í ṣe ẹbí ìkọ́lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ì kan náà ló ṣíwájú wọn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ rí kọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan, kó sì sáré gé e. Ẹ jẹ́ ká dán ikọ́ tó ń ṣe èèyàn wò. Bí i bá jẹ́ àfòmọ́ níbẹ̀, ó yẹ kí kọ́ kan wà tó túmọ̀ sí ohun tí aláìsàn náà ń ṣe. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ pé “ó ń kọ́” fún ẹni tí ọ̀fun ń yọ lẹ́nu. Ohun tí a ń sọ ni pé ó ń húkọ́, tàbí ó ń wúkọ́: ikọ́ ni ó ń hú. Odindi ni ọ̀rọ̀ yẹn, kò ṣeé gé. Bákan náà ni ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sọ́jà.