Àtẹ Ìbéèrè Márùn-ún fún Àyẹ̀wò Kóòdù Láàrin Ẹgbẹ́ Kékeré: Àpẹẹrẹ láti inú Ìwé-Atúmọ̀ Yorùbá orí Ẹ̀rọ

1.0 Ìfáárà

Kóòdù ni orúkọ tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá ń pe ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ láti tẹ̀ lé. Bí ènìyàn mẹ́rin bá dá ilé-iṣẹ́ kékeré sílẹ̀ lórí irú iṣẹ́ yìí, kóòdù kan náà ni gbogbo wọn jọ ń ṣe àtúnṣe sí. Git, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, ni ó ń jẹ́ kí olúkúlùkù mú ẹ̀dà tirẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ lé lórí láìda ti ẹlòmíràn rú. Bí ó bá parí, yóò fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ pé kí a da iṣẹ́ òun pọ̀ mọ́ ti gbogbo ẹgbẹ́. Ìwé ìbéèrè yìí ni wọ́n ń pè ní púùlù rikúẹ́sìtì. Kí a tó da iṣẹ́ náà pọ̀, ẹlòmíràn ní láti kà á kí ó sì dán an wò. Kíkà àti dídánwò yẹn ni àyẹ̀wò kóòdù.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹni tí ó kọ kóòdù mọ ohun tí ó ní lọ́kàn, nítorí náà ohun tí ó ní lọ́kàn ni ojú rẹ̀ ń rí, kì í ṣe ohun tí ó kọ. Ní ọdún 1976, Michael Fagan ti ilé-iṣẹ́ IBM gbé ìlànà àyẹ̀wò kan jáde nínú èyí tí àwọn ènìyàn ń jókòó ìpàdé, tí olúkúlùkù sì ní ipa tirẹ̀ láti kó. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin kò ní ọwọ́ tí ó tó fún irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Àtẹ ìbéèrè kúkurú ni ó bá wọn mu.

Ohun tí pépà yìí ń tọ́ka sí ni pé bí a ṣe to àwọn ìbéèrè náà ṣe pàtàkì ju iye wọn lọ. Olùyẹ̀wò tí kò ì ṣe irú rẹ̀ rí sábà máa ń ṣe ọ̀kan nínú nǹkan méjì: yóò kọ "ó dára" láìkà á, tàbí kí ó kọ ogún èsì lórí àlàfo àti orúkọ, kí àléébù gidi sì kọjá lọ lábẹ́ imú rẹ̀. Ohun tí ó rọrùn láti rí ni ojú kọ́kọ́ ń lọ bá.

2.0 Àtẹ Ìbéèrè náà

1. Ǹjẹ́ àlàyé tí ó bá púùlù rikúẹ́sìtì náà wá sọ ohun kan ṣoṣo tí iṣẹ́ náà ṣe, àti ìdí tí a fi ṣe é?
2. Ǹjẹ́ kóòdù náà ń ṣe ohun tí àlàyé wí, kódà bí ohun tí a tẹ̀ sí i bá ṣàjèjì tàbí tí a kò bá rí i?
3. Ǹjẹ́ kóòdù náà ṣí ilẹ̀kùn fún olè, tàbí ó tú àṣírí?
4. Ǹjẹ́ tẹ́ẹ̀sìtì wà tí yóò kùnà bí a bá yọ iṣẹ́ tuntun náà kúrò?
5. Ǹjẹ́ ẹlòmíràn lè ka kóòdù náà ní oṣù mẹ́fà sí i kí ó sì yé e?

Láti òkè sí ìsàlẹ̀ ni a ń bá àtẹ yìí lọ. Bí ìdáhùn sí ìbéèrè kìn-ín-ní bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí olùyẹ̀wò dá iṣẹ́ náà padà láìlọ síwájú, nítorí kò sí bí a ṣe lè mọ̀ bóyá kóòdù tọ̀nà nígbà tí a kò mọ ohun tí ó fẹ́ ṣe. Bí iṣẹ́ náà bá gùn ju ìlà 400 lọ, ó sàn kí a pín in, nítorí ojú ènìyàn kì í lè ka èyí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa ní ìjókòó kan. Àlàfo àti ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìlà kò sí nínú àtẹ náà rárá. Irinṣẹ́ bíi Black ń tún ìwọ̀nyẹn ṣe fúnra rẹ̀ nínú èdè Python, kò sì yẹ kí ènìyàn fi àkókò rẹ̀ ṣòfò lórí wọn.

3.0 Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹgbẹ́ kan tí ó ń ṣe ìwé-atúmọ̀ Yorùbá orí ẹ̀rọ. Púùlù rikúẹ́sìtì àkọ́kọ́ tí ọ̀kan nínú wọn fi ránṣẹ́ ní àlàyé yìí: "Ó ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí òǹlò tẹ̀, kí ojú-ìwé ìwárí lè ṣiṣẹ́." Àlàyé náà yè kooro, ohun kan ṣoṣo ni ó sì sọ. Kóòdù náà nìyí:

```python
def wa_itumo(cur, oro):
    cur.execute("SELECT itumo FROM iwe_oro WHERE oro = '" + oro + "'")
    return cur.fetchone()[0]
```

Ìlà kejì ń fi èdè SQL bi dátábéèsì léèrè. Ìlà kẹta ń mú ìtumọ̀ tí ó bá rí padà. Ẹni tí ó kọ ọ́ tẹ "ilé", ìtumọ̀ sì jáde. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ti parí.

Olùyẹ̀wò kò gbọdọ̀ fi ojú nìkan dáhùn ìbéèrè kejì. Ó ní láti mú ẹ̀ka náà wá sórí ẹ̀rọ tirẹ̀ kí ó sì dán an wò:

```
git fetch origin
git switch wa-itumo
pytest
```

Lẹ́yìn èyí, ó tẹ ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé-atúmọ̀ náà. Dípò kí ẹ̀rọ sọ pé òun kò rí i, àṣìṣe ni ó mú jáde. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ náà, `None` ni `fetchone()` ń mú wá, kò sì sí bí a ṣe lè mú ohun kìn-ín-ní jáde láti inú òfìfo. Ó tún tẹ "n'ílé", bí ó ti wà nínú àwọn ìwé àtijọ́. Àṣìṣe mìíràn tún jáde, nítorí àmì ìyọkúrò tí ó wà láàrin ọ̀rọ̀ náà ni SQL kà sí òpin ọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó jinlẹ̀ jù. "Ọkọ́", irinṣẹ́ àgbẹ̀, wà nínú dátábéèsì, ṣùgbọ́n nígbà tí olùyẹ̀wò tẹ̀ ẹ́ láti orí fóònù rẹ̀, ẹ̀rọ kò rí i. Ìdí ni pé ọ̀nà tí a lè gbà kọ "ọ́" sínú ẹ̀rọ ju ẹyọ kan lọ. A lè kọ "ọ" kí a fi àmì ohùn lé e. A lè kọ "ó" kí a fi àmì abẹ́ rẹ̀ sí i. A sì lè kọ "o" lásán kí àwọn àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, àfi bí a bá kọ́kọ́ sọ wọ́n di ìrísí kan náà. NFC ni ọ̀kan nínú àwọn ìrísí tí ìlànà Unicode là sílẹ̀ fún èyí.

Ìbéèrè kẹta kan ìlà kejì yẹn kan náà. Ohun tí ó jẹ́ kí "n'ílé" mú àṣìṣe jáde ni ó ń jẹ́ kí oníṣẹ́ ibi fi àmì ìyọkúrò parí ọ̀rọ̀, kí ó sì so ìbéèrè tirẹ̀ mọ́ ọn, irú èyí tí yóò kó àkọsílẹ̀ àwọn òǹlò jáde láti inú dátábéèsì kan náà. Lábẹ́ ìbéèrè yìí kan náà ni a ti ń wò bóyá ẹnikẹ́ni kọ kọ́kọ́rọ́ ìwọlé sínú kóòdù. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, pípa ìlà náà rẹ́ kò tó, nítorí Git ń pa ìtàn mọ́. Kọ́kọ́rọ́ náà fúnra rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ fagi lé, kí a sì gba òmíràn.

Àtúnṣe tí ó padà wá nìyí:

```python
import unicodedata

def wa_itumo(cur, oro):
    oro = unicodedata.normalize("NFC", oro)
    cur.execute("SELECT itumo FROM iwe_oro WHERE oro = ?", (oro,))
    ila = cur.fetchone()
    return ila[0] if ila else None
```

Àmì `?` ń jẹ́ kí dátábéèsì gba ọ̀rọ̀ òǹlò gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí àṣẹ. Ẹni tí ó kọ kóòdù náà fi tẹ́ẹ̀sìtì yìí kún un:

```python
def test_ona_meji(cur):
    a = wa_itumo(cur, "\u1ecdk\u1ecd\u0301")
    b = wa_itumo(cur, "o\u0323ko\u0323\u0301")
    assert a == b
```

Ọ̀nà méjì tí a lè gbà kọ "ọkọ́" ni tẹ́ẹ̀sìtì náà fi wéra, ó sì yege. Ṣùgbọ́n ohun tí ìbéèrè kẹrin ń béèrè ni bóyá yóò kùnà bí a bá yọ iṣẹ́ náà kúrò. Olùyẹ̀wò pa ìlà tí `normalize` wà rẹ́, ó tún un dánwò, tẹ́ẹ̀sìtì náà sì tún yege. Kí ni ó fà á? Dátábéèsì tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò ṣófo, nítorí náà `None` ni a àti b, òfìfo sì dọ́gba pẹ̀lú òfìfo. Wọ́n fi "ọkọ́" sínú dátábéèsì ìdánwò, wọ́n sì fi `assert a is not None` kún un. Nígbà náà ni tẹ́ẹ̀sìtì tó ń kùnà nígbà tí ó yẹ kí ó kùnà.

4.0 Bí a ṣe ń kọ èsì

Èsì tí ó wúlò ní ohun mẹ́ta nínú: ohun tí olùyẹ̀wò ṣe, ohun tí ó rí, àti ohun tí ó dábàá. "Ìlà yìí kò dára" kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Èyí ní gbogbo wọn: "Mo tẹ n'ílé, ẹ̀rọ mú àṣìṣe jáde láti ìlà kejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lo `?` níbẹ̀." Kóòdù ni èsì náà ń bá wí, kì í ṣe ẹni tí ó kọ ọ́.

Ó tún yẹ kí èsì kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan: "Dandan" tàbí "Ìmọ̀ràn". Ohun tí ó bá jáde láti inú ìbéèrè kejì sí ìkẹrin sábà máa ń jẹ́ dandan. Púpọ̀ nínú ti ìbéèrè karùn-ún jẹ́ ìmọ̀ràn. Bí dandan kan bá wà, olùyẹ̀wò yóò yan `Request changes` lórí GitHub. Bí ó bá jẹ́ kìkì ìmọ̀ràn ni, yóò yan `Approve`. Láìsí ìyàtọ̀ yìí, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ wá fún àyẹ̀wò kò ní mọ èyí tí ó ń dí i lọ́nà.

Kékeré inú ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ máa yẹ iṣẹ́ àgbà wò. Bí ó bá bi í pé, "Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìlà yìí ń ṣe?", ó ti dáhùn ìbéèrè karùn-ún nìyẹn: ìlà náà kò yé ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ lọ́la.

5.0 Ààlà àtẹ yìí

Àtẹ yìí kò lè sọ bóyá ó yẹ kí a ṣe iṣẹ́ náà rárá. Kí a tó kọ ìlà kan ni a ń jíròrò ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kì í rí ohun tí ó wà lẹ́yìn kóòdù tí ó yípadà. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, bí àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nínú dátábéèsì kò bá sí ní ìrísí NFC, àtúnṣe náà kò ní rí wọn. Ẹnì kan ní láti rántí rẹ̀ kí ó sì tún wọn kọ.

Àmì kan wà tí a fi ń mọ̀ pé àtẹ ti di àṣà lásán. Bí a bá fọwọ́ sí iṣẹ́ onílà 300 láàrin ìṣẹ́jú méjì, tí kò sì sí èsì kankan tí ó sọ ohun tí olùyẹ̀wò tẹ̀ wò, kò sí ẹni tí ó kà á. Kì í ṣe ìbéèrè púpọ̀ sí i ni oògùn rẹ̀. Ìbéèrè tuntun yẹ kí ó wọlé kìkì nígbà tí irú àléébù kan bá ti yọ́ kọjá lẹ́ẹ̀mejì, kí èyí tí ẹ̀rọ bá sì lè dáhùn fúnra rẹ̀ jáde.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Pépà yìí ti ṣàlàyé àtẹ ìbéèrè márùn-ún tí ẹgbẹ́ kékeré lè fi yẹ púùlù rikúẹ́sìtì àkọ́kọ́ ara wọn wò, ó sì ti fi ìlà kóòdù mẹ́ta hàn nínú èyí tí àléébù mẹ́rin fara pamọ́ sí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó hàn nígbà tí a tẹ "ilé". Ọ̀rọ̀ tí kò sí, àmì ìyọkúrò àti àmì ohùn ni ó tú wọn fó. Olùyẹ̀wò tí ó bá parí iṣẹ́ rẹ̀ láìtẹ irú ìwọ̀nyí wò ti ka kóòdù, ṣùgbọ́n kò tí ì yẹ̀ ẹ́ wò.