Kí ẹ tó háyà katakata: ẹ wá ìsàlẹ̀ ìpele líle

Ẹ fa igi òwú kan tu. Bí gbòǹgbò àárín rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ díẹ̀, tó wá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọrùn ọkọ́, ìpele líle kan ló dí i lọ́nà. Ìtúlẹ̀ tí à ń tú dé ibì kan náà lọ́dọọdún ló sábà máa ń fà á. Ìkọ́ gígùn tí katakata ń fà lè la ìpele yìí. Ṣùgbọ́n bí ìkọ́ náà kò bá kọjá ìsàlẹ̀ rẹ̀, owó yín ṣòfò. Bó bá sì jìn jù, epo lásán lẹ ń jó.

Pẹnẹtiromẹtiri ni yóò sọ ibi tí ìpele náà wà. Ọ̀pá irin ni, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, aago ìwọ̀n sì wà lókè rẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ọ̀pá náà ní sẹ̀ntímítà 5 síra wọn. Ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn òjò tó rin ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ni kí ẹ lò ó. Ẹni tó bá gún ilẹ̀ lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ yóò pe gbogbo oko rẹ̀ ní líle, nítorí ilẹ̀ gbígbẹ máa ń le lásán.

Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìjá a lù ú. Nígbà tí aago bá dé 300 PSI, gbòǹgbò kò lè wọ ibẹ̀ mọ́: ẹ kọ ìjìnlẹ̀ náà sílẹ̀. Ẹ tún máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Nígbà tí aago bá padà sílẹ̀ ju 300, ẹ kọ ìkejì. Ọ̀pọ̀ ló ń dúró lórí àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ìkejì gan-an la ń wá.

Jẹ́ ká sọ pé ẹ gún ibi 20 nínú hẹ́kítà kan, tí ẹ ya oko náà sórí ìwé, tí ẹ sì kọ nọ́ńbà méjèèjì sí ibi kọ̀ọ̀kan. Ní ibi 14, líle bẹ̀rẹ̀ láti 16 sí 18, ó sì parí láàárín 25 sí 28. Ẹ mú 28, ẹ fi 3 kún un: sẹ̀ntímítà 31 ni ìkọ́ yóò lọ. Ibi 4 kò dé 300 rárá. Bí wọ́n bá wà pa pọ̀, kí katakata fo ibẹ̀.

Ibi 2 tó kù ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Aago fò sókè lójijì, ọ̀pá sì dún gbà. Ẹ sún ẹsẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tún gún un. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́ta, yangí ni, irú èyí tó pọ̀ níhà Sabẹ. Ìkọ́ kò ní tún un ṣe, ó lè ṣẹ́ pàápàá.

Ẹ má la ilẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n. Ilẹ̀ tútù kì í fọ́, ìkọ́ kàn máa ń gé e kọjá ni. Lẹ́yìn ìkórè, ẹ wa iyẹ̀pẹ̀ láti sẹ̀ntímítà 30, ẹ yí i lọ́wọ́. Bó bá ṣì ń gùn bí okùn, ẹ dúró. Bó bá ń fọ́, ẹ lè pe katakata.