Ojú Ìwé Kan fún Àwọn Tírọ́sítì

Akápò tó kó ogún ojú ìwé ìṣirò síwájú àwọn tírọ́sítì, owó bébà ni wọn yóò fi wákàtí kan jiyàn lé. Ojú ìwé kan ni kí wọ́n kọ́kọ́ rí. Ká ní ilé ìwé kan ń retí mílíọ̀nù 40 náírà owó ilé ìwé, tí ìnáwó sì jẹ́ 43. Àlàfo mílíọ̀nù 3 náà ni kó wà lókè, pẹ̀lú ohun tó fà á: epo jẹnẹrétọ̀. Ìbéèrè wá tẹ̀ lé e: ṣé ká fi 7.5% kún owó ilé ìwé, àbí ká yọ ọ́ nínú owó ìpamọ́ tó jẹ́ mílíọ̀nù 9? Kí akápò sọ èyí tó fara mọ́, kó sì sọ pé bí àwọn òbí kan bá kó ọmọ wọn lọ, àfikún náà ò ní dí àlàfo.