Kíka Àmì Gbágungbàgun Ojú Irin Lórí Àwòrán Iṣẹ́

Irin tí ó ń dán yinrin kò tẹ́jú tó bí ojú ti ń rí i. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi fá a lórí ẹ̀rọ léètì, tàbí òkúta tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, ti fi òkè àti kòtò kéékèèké sílẹ̀ lára rẹ̀. Òkè àti kòtò wọ̀nyí ni gbágungbàgun ojú irin. Lórí àwòrán iṣẹ́, àmì kan tí ó jọ lẹ́tà V, tí apá ọ̀tún rẹ̀ gùn ju ti òsì lọ, ni ó máa ń sọ bí wọ́n ṣe gbọdọ̀ mọ.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n máa ń wọ́ abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu dáyámọ́ńdì kọjá lórí irin. Bí abẹ́rẹ́ náà ṣe ń gòkè tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rọ ń wá ìlà àárín, ìyẹn ìlà tí ohun tí ó wà lókè rẹ̀ àti èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bá ara wọn dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni yóò wo bí ibi kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ìlà yìí tó, ì báà jẹ́ lókè tàbí nísàlẹ̀, tí yóò sì mú ìpíndọ́gba gbogbo rẹ̀. Iye yìí ni wọ́n ń kọ ní Ra. Nítorí pé ìpíndọ́gba ni, kòtò jíjìn kan ṣoṣo lè sá pamọ́ sínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwòrán mìíràn fi ń béèrè Rz, tí ó ń wọn láti orí òkè tó ga jù dé ìsàlẹ̀ kòtò tó jìn jù. Kò sí ìṣirò kan pàtó tí ó lè sọ Rz di Ra, nítorí irin méjì lè ní Ra kan náà kí Rz wọn sì yàtọ̀ gan-an.

Ìrísí àmì náà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ V lásán, ọ̀nà yòówù tí òṣìṣẹ́ bá gbà dé iye náà ni a lè gbà wọlé. Bí ìlà kan bá bo ẹnu V náà tí ó fi di onígun mẹ́ta, dandan ni kí a gé lára irin, yálà nípa fífá tàbí lílọ̀. Bí òbìrípo kékeré bá sì wà nínú V, a kò gbọdọ̀ gé ohunkóhun kúrò níbẹ̀. Bí irin náà ṣe jáde láti ibi tí wọ́n ti dà á tàbí tí wọ́n ti rọ ọ́ ni kí ó wà. Ẹni tí ó bá ṣi òbìrípo yìí pè ní ìlà lè fi ọ̀bẹ ba ohun tí a kò ní kó fọwọ́ kàn jẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni iye. Nínú ìlànà ISO 1302 ti ọdún 2002, ìlà kan máa ń nà síwájú láti orí apá gígùn àmì náà, abẹ́ ìlà yìí sì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, bíi `Ra 0.8`. Ní 2021 ni ISO 21920-1 gba ipò ìlànà náà, ṣùgbọ́n àwòrán tí wọ́n ti yà tẹ́lẹ̀ ṣì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Nínú àwòrán Amẹ́ríkà àti àwọn tó ti pẹ́, iye náà máa ń wà lókè V fúnra rẹ̀, láìsí Ra níwájú rẹ̀. Iye kan ṣoṣo túmọ̀ sí òpin òkè: ojú irin lè dán jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò gbọdọ̀ ṣe gbágungbàgun jù bẹ́ẹ̀. Bí méjì bá wà, ọ̀kan lórí èkejì, àárín wọn ni irin gbọdọ̀ wà.

Ibi tí ọ́ìlì síìlì ti ń jókòó lára ṣáàfù jẹ́ àpẹẹrẹ rere fún iye méjì. Bí ojú ṣáàfù bá ṣe gbágungbàgun jù, yóò jẹ ètè rọ́bà síìlì náà tán. Bí ó bá dán jù, ọ́ìlì tín-ín-rín tí ó yẹ kó máa rọ ètè náà kò ní dúró, rọ́bà yóò sì jó. Ìlànà DIN 3760 ti ilẹ̀ Jámánì fi Ra 0.2 sí 0.8 máíkírómítà sílẹ̀ fún ibẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe rọ́bà ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn 8 sí 17 máíkíróínṣì ní tiwọn.

Láti fi ìlànà méjèèjì wéra, ìṣirò kan ni a nílò. Ínṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4 géérégé, nítorí náà máíkíróínṣì kan jẹ́ máíkírómítà 0.0254.

```
µm = µin × 0.0254
µin = µm ÷ 0.0254
```

Bí a bá fi 0.0254 sọ 8 di púpọ̀, a ó rí 0.20, bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún 17, a ó rí 0.43. Ìlànà Amẹ́ríkà le ju ti Jámánì lọ nìyẹn. Ká ní ẹ̀rọ ka 0.62 máíkírómítà lára ṣáàfù kan. Lábẹ́ DIN, ó yege. Bí a bá fi 0.0254 pín 0.62, ó di 24.4 máíkíróínṣì, ó sì ti kọjá 17 jìnnà. Ṣáàfù kan náà ni, ṣùgbọ́n àwòrán kan gbà á, èkejì sì kọ̀ ọ́.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìṣirò lọ́wọ́ lè fi 40 sọ máíkírómítà di púpọ̀. Àṣìṣe rẹ̀ kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn iye tó wọ́pọ̀ sì ti ní ìkejì wọn tí gbogbo ènìyàn gbà: 0.4 ni 16, 0.8 ni 32, 1.6 ni 63, 3.2 ni 125. Wọ́n ti yí wọn sí iye tó rọrùn, wọn kò sì bá ìṣirò mu délẹ̀délẹ̀. Máíkíróínṣì 32 gan-an jẹ́ máíkírómítà 0.8128. Bí àwòrán bá sọ 32, tí ẹ̀rọ sì ka 0.81 máíkírómítà, irin náà yege, nítorí 31.9 ni. Ẹni tí ó ti sọ 32 náà di 0.8 tẹ́lẹ̀ yóò kọ irin tó dára. Ẹyọ ìwọ̀n tí wọ́n fi ya àwòrán ni kí a fi ṣèdájọ́ rẹ̀.

Ewu tó tóbi jù ni iye tí kò ní ẹyọ ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 32 tí òṣìṣẹ́ kà á sí máíkírómítà, irin tí yóò ṣe yóò fi ogójì ìgbà burú ju ohun tí wọ́n béèrè lọ. Iye oníkúnkéré tó ní pọ́íǹtì, bíi 0.8 àti 3.2, sábà máa ń jẹ́ máíkírómítà. 32, 63 àti 125 sábà máa ń jẹ́ máíkíróínṣì. Ṣùgbọ́n 25 àti 50 lè jẹ́ èyíkéyìí. Níbẹ̀, kí a wo gígùn àti fífẹ̀ tó wà lórí àwòrán náà, bóyá ínṣì ni tàbí mìlímítà. Bí èyí náà kò bá yanjú rẹ̀, kí a bi ẹni tó ya á kí ọ̀bẹ tó kan irin.

Iye Ra kò sì sọ ibi tí ìlà ọ̀bẹ kọjú sí. Àmì mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ V ni ó ń sọ ìyẹn: `=` fún ìlà tó bá etí àwòrán lọ, `⊥` fún èyí tó dábùú rẹ̀, `X` fún èyí tó kọjá lórí ara wọn. Lára ṣáàfù síìlì, fífá lórí léètì máa ń fi ìlà yíyípo bíi ti ìdè ṣúkúrúù sílẹ̀, ìlà yìí sì lè máa ti ọ́ìlì síta bí ṣáàfù ti ń yí, bí Ra tilẹ̀ pé. Wọ́n máa ń fi òwú tín-ín-rín dán an wò: wọn a gbé ṣáàfù dùbúlẹ̀ gbọọrọ, wọn a fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á, wọn a gbé òwú kọ́ ọ pẹ̀lú ẹrù bíi gíráàmù 30 nísàlẹ̀, wọn a sì máa yí ṣáàfù náà ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan. Bí òwú bá rìn sí apá kan, tí ó sì rìn padà nígbà tí wọ́n yí ṣáàfù sódì, ìlà ṣúkúrúù wà níbẹ̀. Bí ó bá rìn sí apá kan náà nígbà méjèèjì, ṣáàfù náà ni kò dùbúlẹ̀ gbọọrọ tàbí tí ìdí rẹ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú orí. Ṣáàfù tó ní ìlà ṣúkúrúù gbọdọ̀ padà sídìí òkúta ìlọrin, kí wọ́n ti òkúta náà wọ inú rẹ̀ tààrà, láìtì í lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.